Ṣọ́ọ̀bù aṣọ jóná: mílíọ̀nù 20 ló wà nínú ìwé, mílíọ̀nù 11.4 ni wọ́n fẹ́ san

Àbúrò_Aláṣọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ta léèsì àti ànkárá n'Ìbàdàn. Iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó ní adójútòfò iná, mílíọ̀nù 20 náírà ni wọ́n kọ sórí ọjà. Ọjà tó jó àti èyí tí omi panápaná bàjẹ́ tó mílíọ̀nù 30. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò wá fi ìwé ránṣẹ́ pé mílíọ̀nù 11.4 ni àwọn máa san, wọ́n ní ó jẹ́ nítorí "àfáréèjì". Ṣé ẹ̀tọ́ nìyí? Kí ló yẹ kó ṣe kó tó fọwọ́ sí i?

Ọ̀túnba_Mọ́kọ́lá

Ẹ kọ́kọ́ wá rìsíìtì owó ọdún yìí jáde. Láti oṣù kìíní 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ti fọwọ́ líle mú un pé ẹni tí kò bá sanwó kò ní ààbò. Bí ẹ bá san díẹ̀ tí ẹ jẹ díẹ̀, bóyá ìyẹn ni wọ́n ń gé.

Adíyelé_Òfò

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀túnba, òótọ́ lẹ sọ nípa owó ọdún, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹni tí kò bá sanwó, wọn kì í gé tirẹ̀ kù. Wọn kì í fún un ní kọ́bọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti ní àwọn máa san mílíọ̀nù 11.4, a jẹ́ pé wọ́n gbà pé ìwé rẹ̀ wà láàyè lọ́jọ́ tí iná ṣẹ́.

Àbúrò, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí iná bá jó ọjà, ìbéèrè méjì ni àwa tá a ń díyelé òfò máa ń béèrè. Àkọ́kọ́ ni pé èló ló bàjẹ́. Èkejì, tí àwọn oníṣòwò kì í retí rárá, ni pé èló ni gbogbo ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní ìṣẹ́jú tí iná fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó jó àti èyí tí kò jó. Iye kejì yìí ni wọ́n á gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó wà nínú ìwé. Bí ìwé bá kéré sí i, wọ́n á ní ẹni náà fi apá kan ọjà rẹ̀ sábẹ́ ààbò, ó fi apá yòókù sọ́rùn ara rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń pín òfò, òun náà á gbé tirẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àfáréèjì.

Mo lè fi ìwé tí wọ́n kọ sí i mọ iye tí wọ́n ní ọjà rẹ̀ jẹ́. Ó dà bíi pé mílíọ̀nù 50 ni wọ́n kà. Mílíọ̀nù 20 nínú 50 jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún. Ìdá méjì nínú márùn-ún mílíọ̀nù 30 jẹ́ mílíọ̀nù 12. Wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìwé ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ gbé nínú òfò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 600,000. Ó ku 11.4. Ìṣirò náà bára mu. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá mílíọ̀nù 50 yẹn tọ̀nà.

Akin_Olówò

Ìyànjẹ gbáà ni èyí. Bí mo bá ra ààbò mílíọ̀nù 20, tí òfò mi ju 20 lọ, mílíọ̀nù 20 ni kí ẹ san fún mi. Mo sì mọ̀ dájú pé ìgbà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá jó kanlẹ̀ ni àfáréèjì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ìdajì bá kù. Ẹ pe agbẹjọ́rò.

Adíyelé_Òfò

Akin, òdìkejì ohun tó o sọ ló jẹ́ òótọ́. Ká ní gbogbo mílíọ̀nù 50 ló jó tán, ìdá méjì nínú márùn-ún 50 jẹ́ 20, gbogbo iye tó wà nínú ìwé ló máa gbà, yàtọ̀ sí ìdá 5 yẹn. Ìgbà tí ọjà bá kù ni àfáréèjì máa ń dunni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí panápaná tètè dé bá, tó yẹ kó máa dúpẹ́, ni ọ̀rọ̀ máa ń yà lẹ́nu jù.

Àmọ́ mo mọ ohun tó ń bí ẹ nínú. Ẹni tó ta ìwé yìí fún un kò jókòó ṣàlàyé rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni ní ẹ̀yìn ìwé, lẹ́tà kéékèèké, Òyìnbó tó lọ́ pọ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́ ṣá. Gbogbo ìwé adójútòfò iná fún ọjà tí mo tíì yẹ̀ wò ló ní in.

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ta ló mú mílíọ̀nù 20 wá, ọdún wo sì ni?

Àbúrò_Aláṣọ

Mo bi wọ́n. Ọdún 2021 ni. Báńkì ló ní kí wọ́n ṣe é nígbà tí wọ́n yá wọn ní mílíọ̀nù 20. Ọdọọdún ni wọ́n ń san án, wọn ò sì yí i padà rí. Gbèsè báńkì ku mílíọ̀nù 6.

Ẹ̀gbọ́n Adíyelé, mílíọ̀nù 50 náà lẹ sọ. Wọ́n ní mílíọ̀nù 20 lára ọjà ni kò jó.

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Mo ti mọ̀. Ohun méjì ló pa ẹ̀gbọ́n yín lára, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ekìíní, owó tí báńkì yá a ni wọ́n kọ, wọn ò kọ iye ọjà rẹ̀. Báńkì ò bìkítà ju kí owó tirẹ̀ má sọnù. Bó bá yá ọ ní 20, á ní kó o ra ààbò 20, kódà bí ọjà 35 bá wà nílẹ̀. Oníṣòwò á wá gbà pé òun ti ní adójútòfò. Báńkì ló ní in. Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ máa rí orúkọ báńkì níbi tí wọ́n kọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gba owó sí. Bí ó bá wà níbẹ̀, nínú mílíọ̀nù 11.4 yẹn, báńkì á kọ́kọ́ yọ mílíọ̀nù 6 tirẹ̀. Mílíọ̀nù 5.4 ló máa dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ báyìí kó má bàá fi mílíọ̀nù 11 ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni.

Èkejì ni náírà. Kí ìjọba tó tú iye náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Léèsì tó ń ti Austria tàbí Ṣáínà wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Béèlì kan náà, àwọ̀ kan náà, iye ẹsẹ̀ kan náà lórí káńtà, àmọ́ owó tí wọ́n máa fi rà á padà ti di ìlọ́po. Ẹ̀gbọ́n yín kò fi aṣọ kan kún ọjà rẹ̀, síbẹ̀ ààbò rẹ̀ ń súnkì lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó pè é kó sọ fún un. Ó yẹ kí ẹni tó ń gba owó ọdún náà lọ́wọ́ rẹ̀ pè é, mo sì ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Àyà mi já nígbà tí mo kà á. Èmi náà, báńkì kékeré kan ló ní kí n ṣe é, mílíọ̀nù 5. Pròfíṣọ̀nù ni mò ń tà: ìrẹsì, epo, mílíìkì. Ọjà mi tó mílíọ̀nù 8 lójoojúmọ́, bó bá di Kérésì ó máa ń tó 14. Kí ni kí n kọ sí i? Ṣé 8 ni àbí 14? Mi ò fẹ́ san owó ọjà tí kò sí nílẹ̀.

Akin_Olówò

Ìyá, ẹ ra méjì. Ẹ ra mílíọ̀nù 7 lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ẹ ra 7 lọ́dọ̀ òmíràn. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ẹ gba lọ́wọ́ méjèèjì.

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Akin, ìdajì rẹ̀ dáa, ìdajì lè kó ìyá sí wàhálà. Wọ́n lè ra ìwé méjì lórí ọjà kan, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ fún ilé-iṣẹ́ méjèèjì pé èkejì wà. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó wo bóyá ó tó iye ọjà. Àmọ́ òfò kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san án, kálukú á gbé ìpín tirẹ̀. Bí ìyá bá fi ìkan pamọ́ fún èkejì, ìwé méjèèjì lè bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyá, mílíọ̀nù 14 ni kí ẹ kọ bó bá jẹ́ ìwé tí iye rẹ̀ dúró sójú kan lẹ fẹ́. Iná kì í yan oṣù, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé àkókò tí ọjà pọ̀ jù, tí wáyà jẹnẹrétọ̀ gba inú ṣọ́ọ̀bù kọjá, tí wọ́n to páálí dé àjà, ni ewu pọ̀ jù. Ká ní náírà 3 lórí 1,000 ni wọ́n bá yín ṣe é: mílíọ̀nù 8 máa gba 24,000 lọ́dún, 14 máa gba 42,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 18,000 péré fún odindi ọdún. Bí ẹ bá fi 5 tí ẹ ní báyìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọjà mílíọ̀nù 7 bá jó nínú 14 ní oṣù Kejìlá, mílíọ̀nù 2.5 ni wọ́n máa san. Báńkì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ.

Ìwé oríṣi mìíràn wà fún ẹni tí ọjà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Wọ́n á kọ iye tó ga jù tí ọjà lè dé, ẹ ó sì san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀. Lóṣooṣù ni ẹ máa kọ iye ọjà tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí ọdún bá parí, wọ́n á wo ìpíndọ́gba àwọn iye yẹn, ẹ ó fi kún owó tàbí kí wọ́n dá díẹ̀ padà fún yín. Mi ò kì í sọ pé kí ẹni tí kò lè kọ ìwé ọjà lóṣooṣù rà á o. Bí ẹ bá gbàgbé oṣù kan, iye tó ga jù ni wọ́n á kà sí yín lọ́rùn fún oṣù náà. Bí ẹ bá kọ iye tó kéré sí òótọ́ ní oṣù tó gbẹ̀yìn kí iná tó ṣẹ́, wọ́n á fi ìyẹn gé owó yín. Fún ṣọ́ọ̀bù tó tó tiyín, ẹ kọ 14, kí ẹ sùn.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé mo gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí ọdún bá yí?

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Rárá o, ìyá. Ẹ kọ lẹ́tà lónìí pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé iye ọjà sókè láti ọjọ́ báyìí-báyìí. Wọ́n á ṣírò owó oṣù tó ṣẹ́ kù, ẹ ó san án, wọ́n á sì fún yín ní ìwé àfikún kan tó ní ọjọ́ àti iye tuntun. Títí ìwé àfikún yẹn yóò fi dé ọwọ́ yín, ẹ má gbà pé nǹkan kan ti yí padà. "A ti gbọ́, màmá" lórí fóònù kò tó.

Akin_Olówò

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀gbọ́n Àbúrò. Mo ti rí ọgbọ́n kan. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé iye gbogbo ọjà ló ń pa á, kí wọ́n sọ pé ọjà ò tó 50. Kí wọ́n ní 35 ni. 20 nínú 35 ju ìdajì lọ. Owó á gòkè.

Adíyelé_Òfò

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ kó o rí i. Ọjà tí kò jó ti wà nílẹ̀, wọ́n ti kà á, mílíọ̀nù 20 ni. Bó o bá ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 35, a jẹ́ pé ọjà tó jó di 15, kì í ṣe 30 mọ́. Mílíọ̀nù 20 nínú 35, lọ́nà 15, jẹ́ nǹkan bíi 8.57. O ti sọ 12 di 8.57. Òfò àti àpapọ̀ so mọ́ra bí ìbejì. O ò lè fa ọ̀kan sílẹ̀ kó o fi èkejì sókè. Yàtọ̀ sí pé owó á dín kù, irọ́ ni, irọ́ nínú ìwé ẹ̀sùn òfò sì lè mú kí wọ́n má san kọ́bọ̀. Àbúrò, ẹ má gbìyànjú ẹ̀.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi irọ́ bù kún iye ọjà tó jó, kò wúlò. Bí wọ́n bá fi mílíọ̀nù 10 kún ọjà tó jó, gbogbo rẹ̀ di 60, òfò di 40, owó di 13.33. Ewu irọ́ mílíọ̀nù 10 nítorí èrè mílíọ̀nù kan lé díẹ̀.

Inú mílíọ̀nù 20 tí kò jó yẹn gan-an ló yẹ ká wò. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ibẹ̀ nítorí pé ojú gbogbo wà lára eérú. Ohun méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́: ṣé gbogbo rẹ̀ ni tirẹ̀? Nínú òwò aṣọ, ó wọ́pọ̀ kí oníléèsì ńlá gbé béèlì fún èèyàn kó tà á, kó wá san owó lẹ́yìn, kó sì dá èyí tí kò tà padà. Bí ìwé adójútòfò bá sọ pé ọjà tó jẹ́ ti oníbàárà tó ra ìwé nìkan ni àwọn dáàbò bò, aṣọ tí wọ́n gbé sọ́dọ̀ rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn. Bí kò bá sí nínú àdéhùn, kò yẹ kí wọ́n kà á mọ́ mílíọ̀nù 50.

Èkejì: ṣé gbogbo èyí tí wọ́n pè ní "kò jó" ni kò bàjẹ́? Èéfín máa ń wọ inú léèsì. Ẹ tú ẹsẹ̀ kan lára àwọn tó wà lórí pẹpẹ òkè, ẹ fi sí imú. Bó bá ń rùn, oníbàárà kò ní rà á ní iye rẹ̀. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́, kò lè pè é ní tuntun mọ́. Ìyàtọ̀ owó yẹn jẹ́ òfò, ó sì yẹ kí wọ́n kà á. Ẹni tó wá ka ọjà ní ọjọ́ kejì iná, nínú òórùn eérú, kò lè mọ̀ èyí tó ń rùn yàtọ̀.

Àbúrò_Aláṣọ

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn lánàá. Béèlì léèsì tó tó mílíọ̀nù 8 jẹ́ ti alájà kan, ìyẹn oníléèsì ńlá láti Èkó, wọn ò tíì sanwó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, kò jó. Ànkárá tó wà lórí pẹpẹ, bíi mílíọ̀nù 4, ń rùn èéfín. Àwọn tó ń rà á ní ìdajì ni àwọn lè gbà á. Nínú ìwé, wọ́n kọ "ọjà títà, tó jẹ́ ti oníbàárà". Kò sí ọ̀rọ̀ èyí tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Adíyelé_Òfò

Ó dáa gan-an pé ẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká tún un rò.

Yọ mílíọ̀nù 8 alájà kúrò. Gbogbo ọjà ẹ̀gbọ́n yín di 42. Òfò ṣì jẹ́ 30 nítorí pé aṣọ alájà ò sí lára èyí tó jó. Ànkárá mílíọ̀nù 4 tó pàdánù ìdajì, ẹ fi mílíọ̀nù 2 kún òfò, ó di 32. Mílíọ̀nù 20 nínú 42, lọ́nà 32, jẹ́ nǹkan bíi 15.24. Yọ ìdá 5. Ó ku nǹkan bíi 14.48. Lórí 11.4, ẹ ti fi mílíọ̀nù 3 lé díẹ̀ kún un, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ẹ sì lè dúró lé e lórí.

Ká ní aṣọ alájà wà lára èyí tó jó ni, kò bá má rọrùn báyìí. Ẹ máa yọ ọ́ nínú àpapọ̀, ẹ máa tún yọ ọ́ nínú òfò, owó á dín kù, ẹ̀gbọ́n yín á sì tún jẹ alájà lówó. Torí náà ẹ má sọ fún ẹlòmíràn pé yíyọ ọjà ọlọ́jà kúrò máa ń mú owó gòkè nígbà gbogbo.

Ẹ̀rí ni wọ́n máa béèrè. Ẹ wá ìwé tí alájà fi gbé ọjà ránṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ lórí Wọ́tsáàpù, kí iná tó ṣẹ́. Lẹ́tà tí alájà bá kọ lẹ́yìn iná nìkan, wọn ò ní gbà á. Ní ti ànkárá, ẹ má tà á! Bí ẹ bá ti tà á, ẹ̀rí ti lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí adíyelé padà wá fojú ara rẹ̀ wò ó.

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Mo fara mọ́ ti ànkárá. Ní ti mílíọ̀nù 8, mi ò dájú tó ẹ̀gbọ́n Adíyelé. Bí aṣọ alájà bá wà nínú ìwé ọjà ẹ̀gbọ́n Àbúrò pẹ̀lú ti wọn, láìsí àmì, ilé-iṣẹ́ á ní ẹ ti rà á ní àwìn. Ohun tí wọ́n rà ní àwìn, tiwọn ni, bí wọn ò tilẹ̀ tíì san án. "Gbé e tà, kó o dá èyí tó kù padà" yàtọ̀ sí "gbé e, kó o san án lóṣù tó ń bọ̀". Èwo ni nínú méjèèjì?

Àbúrò_Aláṣọ

Wọ́n ní "ẹ tà á, ẹ mú owó wá" ni alájà sọ. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lè dá a padà. Màá wo Wọ́tsáàpù náà.

Adíyelé_Òfò

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sinmi lé. Búrókà gba ojú ibi tó tọ́ wọlé. Bí wọ́n bá rí i pé ó ti dá béèlì kan padà fún alájà rí, tí wọn ò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn lágbára. Bí kò bá sí, kí wọ́n gbé ti ànkárá nìkan lọ. 20 nínú 50, lọ́nà 32, jẹ́ 12.8. Yọ ìdá 5, ó ku 12.16.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó gbà pé mílíọ̀nù 50 tọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìṣirò adíyelé. Ìwé ọjà máa ń jó mọ́ ọjà, nítorí náà ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ni pé wọ́n á mú iye ọjà ọjọ́ tí wọ́n kà á kẹ́yìn, wọ́n á fi gbogbo ohun tí wọ́n rà láti ìgbà náà kún un, wọ́n á yọ iye tí wọ́n fi ra ohun tí wọ́n ti tà. Ká ní ọjà oṣù kìíní jẹ́ 35, wọ́n ra 60 kún un, wọ́n sì tà mílíọ̀nù 60. Bí èrè bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó títà, iye tí wọ́n fi ra ohun tí wọ́n tà jẹ́ 45. Ó ku 50. Níbi èrè yẹn ni àṣìṣe máa ń wọlé, nítorí adíyelé lè fi èrè oníléèsì ṣírò ànkárá tí èrè rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹ rántí ohun tí mo sọ fún Akin: bí àpapọ̀ bá sún wálẹ̀, òfò náà á sún wálẹ̀. Ẹ wò ó nítorí kó lè jẹ́ òótọ́, ẹ má rò pé owó máa pọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀túnba_Mọ́kọ́lá

Mo ti lóye rẹ̀ báyìí. Iye rírà wo ni wọ́n ń lò? Iye tó rà á ní 2022 ni àbí iye òní? Bó bá jẹ́ ti rìsíìtì, àpapọ̀ ò ní tó 50.

Adíyelé_Òfò

Ìbéèrè tó dáa. Iye tí oníṣòwò máa fi ra irú ọjà náà padà ní ọjọ́ tí iná ṣẹ́ ni mo máa ń lò, ní iye ọjà osunwọ̀n, kì í ṣe iye tó ń tà á fún oníbàárà. Bí wọ́n bá fi iye títà ṣírò àpapọ̀ tí wọ́n wá fi iye rírà ṣírò òfò, ìyẹn gan-an ni ìyànjẹ, ẹ bá wọn jà lórí rẹ̀. Àwọn adíyelé kan ń di rìsíìtì mú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti bá ara wọn jiyàn lé e fún oṣù púpọ̀.

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Ní ti fífọwọ́ sí i: ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ wò ó bóyá ó ní "mo gba owó yìí, mi ò sì ní ẹ̀sùn kankan mọ́ lórí iná yìí". Bí wọ́n bá fọwọ́ sí irú rẹ̀, gbogbo ohun tí a ń sọ níbí ti parí. Kí wọ́n má fọwọ́ sí i títí adíyelé yóò fi padà wá wo ànkárá. Kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn ti rí ìwé náà gbà ṣùgbọ́n àwọn kò fara mọ́ iye, kí wọ́n kọ ìdí, kí wọ́n sì béèrè pé kí wọ́n san apá tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ná. Àwọn kan máa ń gbà, àwọn kan kì í gbà. Kí ẹni tó gba lẹ́tà fọwọ́ sí ẹ̀dà kan padà fún wọn.

Bí wọn ò bá dáhùn, NAICOM ní ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà. Ẹ kó ẹ̀dà ìwé àdéhùn, lẹ́tà àti ìwé ìṣirò lọ. Kílé ẹjọ́ tó kàn, ẹ wo ẹ̀yìn ìwé, ọ̀pọ̀ jù nínú ìwé adójútòfò iná ló ní kí àríyànjiyàn lórí iye owó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ onílàjà.

Akin_Olówò

Mo gbà pé mo ṣì í lórí àfáréèjì. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí pé ó yẹ kí ẹni tó ta ìwé náà jẹ́jọ́. Ọdún mẹ́ta tí náírà ń já, ó ń gba owó, kò pè é.

Búrókà_Òkè_Bọ́là

Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nígbà tí ọdún bá fẹ́ yí. Bí ó bá ní ìlà kan níbẹ̀ tó sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún iye ọjà yín wò", wọ́n á sọ pé àwọn ti sọ. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ó jẹ́ ẹjọ́ ọ̀tọ̀ pẹ̀lú búrókà, kì í ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́, ó sì máa pẹ́.

Àbúrò_Aláṣọ

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti rí ọ̀rọ̀ Wọ́tsáàpù náà. Ní oṣù karùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi dá béèlì méjì padà fún alájà, alájà sì kọ "mo ti rí i gbà". Ànkárá ṣì wà lórí pẹpẹ, a ti fi aṣọ bò ó, a ò tà á. A ti kọ lẹ́tà náà, Mọ́ńdè la máa mú un lọ. Ní ti lẹ́tà ọdún, méjì la rí nínú mẹ́rin, ìlà yẹn sì wà nínú ọ̀kan.

Adíyelé_Òfò

Béèlì méjì tí ó dá padà yẹn ni kí ẹ fi síwájú lẹ́tà náà. Ẹ tẹ ojú ewé Wọ́tsáàpù náà jáde pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí nọ́ńbà alájà hàn, kí ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù. Bí adíyelé bá dé, ẹ jẹ́ kó tú ànkárá láti ibi mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, nítorí èéfín kì í dé ìsàlẹ̀ bó ṣe dé òkè, wọ́n lè gbà pé mílíọ̀nù 4 kò bàjẹ́ tán.